Bí hẹdimásítà ṣe lè kọ ọ̀rọ̀ ìṣíde íntáháùsì tí yóò mú kí gbogbo ọmọ wọ pápá

Nígbà tí hẹdimásítà bá dìde ní ọjọ́ íntáháùsì tó ní “kíkópa ló ṣe kókó, kì í ṣe ipò kìíní,” ife ẹ̀yẹ máa ń wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, wọ́n ti nù ún, ó ń dán. Ife yẹn ni àwọn ọmọ ń wò. Ẹnu ń sọ ọ̀kan, tábìlì ń sọ òmíràn, tábìlì ni àwọn ọmọ sì máa ń gbà gbọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ dídùn bẹ́ẹ̀ fi máa ń kọjá lọ láì ran ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé hẹdimásítà kò mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ètò ọjọ́ náà ló ta ko ohun tó ń sọ.

Torí náà, kíkọ ọ̀rọ̀ ìṣíde kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Orí ètò eré ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Ọ̀fà ṣe àpẹẹrẹ, ilé-ìwé tí mo fọkàn yà fún ìtọ́sọ́nà yìí: ọmọ 160, ilé mẹ́rin (Pupa, Búlúù, Yẹ́lò, Gíríìnì), ọmọ 40 nínú ilé kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ wá àwọn ọmọ tí kò sí nínú eré kankan

Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ pe àwọn olùkọ́ tó ń darí ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ. Kí oníkálukú kọ orúkọ gbogbo ọmọ ilé rẹ̀ sápá òsì ìwé, kó sì kọ eré tí ọmọ náà máa ṣe sápá ọ̀tún. Gbogbo ọmọ o, kì í ṣe àwọn tó yan nìkan. Ìwé yìí ló máa tú àṣírí.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ètò àtijọ́ ní eré 100 mítà, 200 mítà, eré ìje onípààrọ̀ ọ̀pá, àti fífò sókè. Tí olùkọ́ Ilé Pupa bá parí àkọsílẹ̀ rẹ̀, ọmọ 11 péré ló ní nǹkan kan lápá ọ̀tún. Méjì nínú wọn wà nínú eré mẹ́rin mẹ́rin. Àwọn 29 yòókù, kí wọ́n dúró lẹ́yìn okùn kí wọ́n máa kọrin ni iṣẹ́ wọn. Hẹdimásítà tó bá dúró níwájú àwọn 29 yìí tó ní “ẹ jáde kẹ́ ẹ kópa,” níbo ló ní kí wọ́n jáde sí?

Olùkọ́ Ilé Pupa á fèsì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń jọ èyí: “Sà, ẹ má bínú. Tí mo bá fi àwọn tí kò lè sáré sí i, àwọn Búlúù máa nà wá ni.” Kí hẹdimásítà má bá a wí. Òtítọ́ ló sọ. Bí wọ́n ṣe ń ka máàkì tẹ́lẹ̀, ọmọ tí kò lè sáré kò wúlò fún ilé rẹ̀ rárá. A máa dé orí máàkì láìpẹ́.

Ní báyìí, ẹ fi eré mẹ́ta kún ètò. Ìkíní ni sísáré nínú àpò, ọmọ 10 láti ilé kọ̀ọ̀kan. Àpò ìrẹsì ńlá tó ti ṣófo ti tó, àwọn ìyá kò ní pẹ́ rí i kó wá. Ìkejì ni okùn fífà, ọmọ mẹ́jọ láti kíláàsì kejì àti ìkẹta, mẹ́jọ láti kíláàsì kẹrin sókè. Ìkẹta ni eré lọ-kí-o-bọ̀ fún àwọn kékeré, ọmọ 10 láti ilé kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan á sáré dé ibi àmì kan, á padà wá fọwọ́ kan èkejì. Ààyè 36 nìyẹn fún ilé kọ̀ọ̀kan, ó sì ju àwọn 29 tó kù lọ. Ẹ wá fi òfin kan tì í: ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ wà nínú ju eré méjì lọ. Òfin yìí nìkan ló máa gba ààyè lọ́wọ́ àwọn àyànfẹ́.

Eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gba bíi wákàtí kan. Inú ọ̀rọ̀ àwọn àlejò ni kí ẹ ti yọ wákàtí náà. Ní ti okùn, ẹ kìlọ̀ fáwọn olùkọ́ pé kí ọmọ kankan má we okùn mọ́ ọwọ́ tàbí mọ́ ìdí. Tí okùn bá fà lójijì, ó lè gé ìka.

Ó ku àwọn ọmọ tí ara wọn kò gba eré sísá: ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí àárẹ̀ àti òùngbẹ nínú oòrùn lè dá àìsàn sílẹ̀ fún, ẹni tó ní ikọ́ fée, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ẹ bá òbí wọn sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, kí ẹ sì wá iṣẹ́ gidi fún wọn, iṣẹ́ tó ń jẹ́ kí ọjọ́ náà lọ: gbígbé àsíá ilé, títẹ aago tó ń ka ìṣẹ́jú, gbígba káàdì níbi ìlà ìparí. Ẹ má dárúkọ wọn nínú ọ̀rọ̀ ìṣíde. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń na ìka sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé “kódà, ẹ wo lágbájá, òun náà wá,” tí ọmọ náà sì tẹrí mọ́lẹ̀.

Ẹ yí máàkì padà kí ẹ tó yí ọ̀rọ̀ padà

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ló ń gba máàkì. Ẹ jẹ́ kó rí báyìí: ipò kìíní márùn-ún, ipò kejì mẹ́ta, ipò kẹta méjì, ẹni kẹrin títí dé ẹni ìkẹyìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó bá ṣáà ti dé ìlà ìparí. Ẹni tó yà bàrá kúrò lójú eré kò gba nǹkan kan.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mẹ́jọ ló ń sá 100 mítà, méjì láti ilé kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Pupa kan gba ipò kẹta, máàkì méjì. Èkejì rẹ̀ rí i pé òun ti kẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, òdo. Ọmọ Gíríìnì méjì ṣe ipò kẹfà àti ìkeje, wọ́n parí eré, máàkì méjì. Pupa àti Gíríìnì dọ́gba. Nígbà tí olùkọ́ Ilé Pupa bá rí èyí lórí pátákó lẹ́ẹ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa pariwo fáwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má dúró. Síbẹ̀, ẹni tó gba ipò kìíní ṣì yọrí: márùn-ún rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n sá. Nínú okùn àti eré lọ-kí-o-bọ̀, ẹgbẹ́ kan ni kí ẹ kà bí ẹnì kan, kí ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn náà gba ọ̀kan.

Ibi tí èyí ti máa ń bàjẹ́ ni ìlà ìparí. Àwọn olùkọ́ tó ń dúró níbẹ̀ ti mọ́ mímú ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ lára. Bí wọ́n bá ti di àwọn yẹn mú, wọ́n á yíjú kúrò, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á kan wọ inú èrò lọ. Ẹ yan olùkọ́ méjì tí iṣẹ́ wọn kò ju ẹni kẹrin lọ sẹ́yìn lọ. Kí wọ́n gé páálí pélébé pélébé, kí wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá dé ní ọ̀kan, kí ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ jù ú sínú àpótí ilé rẹ̀. Ẹ ó rí i bí ọmọ kíláàsì kejì tó ṣe ipò ìkẹjọ ṣe máa di páálí yẹn mú bí ẹni di owó mú.

Báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe gùn tó, àwọn wo ló sì wà fún

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n. Téèyàn bá ń sọ̀rọ̀ sínú makirofóònù lórí pápá, tó ń dúró kí ohùn lọ kó sì bọ̀, tó tún ń dúró de ìdáhùn àwọn ọmọ, bíi 100 ọ̀rọ̀ ló máa ń wọ inú ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi púpọ̀ ju 450 ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ kà á sókè nílé, kí ẹnì kan wo aago.

Ìkíni ló máa ń jẹ àkókò. Ẹni tó bá kí gbogbo olóyè, gbogbo alága àti gbogbo aṣojú lọ́kọ̀ọ̀kan ti lo ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó sọ gbólóhùn kan fún ọmọ. Àmọ́ lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ kò gbọdọ̀ fo aṣojú ọba. Ẹ kí ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó jẹ́ dandan, kí ẹ kó àwọn yòókù pọ̀, kí ẹ sì bẹ alága ọjọ́ náà ṣáájú pé kó bá yín kí àwọn tó kù nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Wọn kì í kọ̀ ọ́.

Etí mẹ́ta ló ń gbọ́ yín: etí àwọn ọmọ, etí àwọn òbí, etí àwọn olùkọ́. Àwọn ọmọ ló ni ìdá tó pọ̀ jù. Àwọn òbí, ẹ ní kí wọ́n ṣe ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè fọwọ́ wọn ṣe. “Ẹ fún àwọn ọmọ ní ìṣírí” kò tó, torí bàbá tó ń pariwo “ìwọ ni wọ́n fi sílẹ̀ yẹn!” náà gbà pé ìṣírí lòun ń fún ọmọ. Ẹ ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọmọ ìkẹyìn fi máa kọjá ìlà. Ìyẹn yé gbogbo èèyàn. Àwọn olùkọ́, gbólóhùn kan ti tó, torí ẹ ti bá wọn sọ tiwọn ní ọ̀fíìsì.

Ìtàn kan ṣoṣo ni kó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń mú ọ̀rọ̀ Coubertin wọlé, ẹni tó dá Òlíḿpíìkì òde òní sílẹ̀, tó sọ ní London ní 1908 pé kíkópa ló ṣe kókó ju bíborí lọ. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ti ẹnu bíṣọ́ọ̀bù ará Amẹ́ríkà kan wá kí Coubertin tó mú un lò. Ó dára, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ lỌ́fà kò mọ Coubertin, kò sì ní ohun tó máa fi orúkọ yẹn ṣe. Tó bá jẹ́ ilé-ìwé girama, ẹ lo tiwa: Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí Òlíḿpíìkì ní 1952 ní Helsinki, wọ́n padà láìgba àmì ẹ̀yẹ kankan. Wọ́n lọ ní 1956, wọ́n lọ ní 1960, òfo. Ọdún 1964 ní Tokyo ni Nojeem Maiyegun, ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ kíkàn, tó gba bàbà, àmì ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè yìí ní. Bí wọ́n bá jókòó sílé lẹ́yìn 1952, ta ni ì bá lọ ní 1964?

Fún àwọn kékeré, oríkì ìlú ló yá jù. Ọmọ Ọ̀fà tí kò tíì mọ̀wé kà ti gbọ́ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Nínú ìjàkadì, ẹni tí wọ́n dá kò kéré sí ohun tó mú kí eré wà: bí kò bá jáde, kò sí eré. Ẹ ó rí bí mo ṣe lò ó nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ Ìlọrin lẹ wà, ẹ fi ìjàkadì sílẹ̀ fún wọn lỌ́fà. Àwọn ọmọ Ìlọrin ní ẹṣin. Gbogbo wọn ló ti rí àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń tò kọjá níwájú Ẹ́míà lẹ́yìn Iléyá, kò sì sẹ́ni tó máa ń béèrè ẹṣin tó ṣe ipò kìíní. Ẹlẹ́ṣin púpọ̀ ló mú ọjọ́ yẹn dùn. Ní ìlú Ìgbómìnà, ẹ bi àgbà kan tó sún mọ́ ilé-ìwé. Ẹ má fi oríkì ìlú kan kí ìlú mìíràn o, kí wọ́n má baà fi yín ṣẹ̀fẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an

Ohun tó wà nínú àkámọ́ jẹ́ ìlànà fún ẹni tó ń sọ ọ́.

“Ẹ káàárọ̀ o. (Ẹ dúró kí wọ́n dáhùn.) Alága ọjọ́ òní, aṣojú Kábíyèsí Ọlọ́fà, Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́, alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, àti gbogbo ẹ̀yin èèyàn wa pátá, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìkálẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, àwọn ọmọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kí oòrùn tó mú.

Ẹ̀yin ọmọ mi. Ilé Pupa dà? Ilé Búlúù dà? Ilé Yẹ́lò dà? Ilé Gíríìnì dà? (Ẹ jẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan pariwo.)

Ṣé ẹ rí ife yìí? Ó dára, àbí kò dára? Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó ti ń jí sáré láti oṣù tó kọjá, tó bá gba ipò kìíní lónìí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, a ó sì yẹ́ ẹ sí.

Ẹ wá gbọ́ bí a ṣe máa ka máàkì. Ipò kìíní, márùn-ún. Ipò kejì, mẹ́ta. Ipò kẹta, méjì. Gbogbo ẹni tó kù tó bá dé ìlà ìparí, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ Yẹ́lò méjì bá ṣe ipò keje àti ìkẹjọ, mélòó ni Yẹ́lò gbà? (Méjì!) Mélòó ni ẹni tó gba ipò kẹta gbà? (Méjì!) Ẹ ṣeun. Ẹni tó kúrò lójú eré ńkọ́? (Òdo!)

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀fà, kí lorò wa? (Ìjàkadì!) Bí ẹnì kan ṣoṣo bá bọ́ sí agbo, ta ni yóò bá jà? Ẹni tí wọ́n dá lónìí, òun ló jẹ́ kí ìjàkadì wà. Bí kò bá jáde, gbogbo wa ì bá kàn jókòó máa wo yanrìn.

Torí náà, ẹ jẹ́ ká jọ dáhùn. Bí mo bá béèrè, ẹ wí pé ‘Mò ń bọ̀!’ Bí o bá ṣubú ńkọ́? (Mò ń bọ̀!) Bí bàtà bá bọ́ ńkọ́? (Mò ń bọ̀!) Bí gbogbo wọn bá ti dé, tó ku ìwọ nìkan ńkọ́? (Mò ń bọ̀!) Ó dáa. Mo ṣe ìlérí kan fún yín: a kò ní bẹ̀rẹ̀ eré mìíràn títí ẹni ìkẹyìn yóò fi dé.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ohun kan ni mo bẹ̀ yín fún. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá dé, ẹ pàtẹ́wọ́, kí ẹ má sì dáwọ́ dúró títí ẹni ìkẹyìn fi máa kọjá ìlà. Ọmọ ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́. Ẹ dákun, ẹ má wọ inú pápá, ẹ má bá ọmọ sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìwé orúkọ yín wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀ ló máa wọ pápá lónìí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, omi wà lábẹ́ kánópì ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ mu ún kí ẹ tó sáré, kì í ṣe ìgbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ yín. Mo ti ṣí eré wa. Ilé wo ló ń bọ̀? (Mò ń bọ̀!)”

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀

Ẹ ó rí i pé gbólóhùn náà “ipò kìíní kò ṣe pàtàkì” kò sí níbẹ̀. Ọmọ tó ti ń jí sáré láti oṣù kan máa gbọ́ gbólóhùn yẹn bí ẹni pé wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn yòókù á sì mọ̀ pé hẹdimásítà kò sọ òótọ́. Ó sàn kí ẹ yin ife náà lójú gbogbo ayé, kí ẹ sì wá fi ìṣirò hàn wọ́n pé ọ̀nà mìíràn wà láti wúlò fún ilé ẹni.

Àwọn ọmọ ló sọ iye máàkì tí Yẹ́lò gbà lẹ́nu ara wọn, hẹdimásítà kò sọ ọ́ fún wọn. Ohun tí ọmọ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ kì í tètè bọ́ lórí rẹ̀. “Mò ń bọ̀” náà kì í ṣe orin lásán. Ohun tí ọmọ tó ṣubú nílò láàárín pápá ni, tí èrò ń wò ó, tí kò mọ̀ bóyá kó sunkún tàbí kó sá wọlé. Bí ó bá ti sọ ọ́ nígbà mẹ́ta láàárọ̀, ó ti mọ èyí tó kàn. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn olùkọ́ fi dánra wò pẹ̀lú wọn lórí ìlà ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Bí wọ́n bá ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn kékeré kò ní mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dáhùn.

Ìlérí pé eré mìíràn kò ní bẹ̀rẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní lè mú un ṣẹ, ẹ dákun, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Oòrùn, máìkì, àti ẹni tó di máìkì mú

Tẹ́mù kejì ni íntáháùsì sábà máa ń bọ́ sí, láàárín ọyẹ́ àti ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ní oṣù Kejì àti Kẹta, oòrùn agbègbè wa ti ń ta gan-an kó tó di aago mẹ́wàá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ to ìlà fún máàṣì kí ẹ tó sọ̀rọ̀, kí wọ́n má dúró nínú oòrùn kí ẹnì kan má baà ṣubú lulẹ̀. Kí wọ́n jókòó sábẹ́ kánópì, kí ẹ sọ tiyín, kí wọ́n wá dìde fún máàṣì. Ààwẹ̀ Ramadan náà ń bọ́ sí àsìkò yìí báyìí. Ní 2026, oṣù Kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọdọọdún ló sì ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó mú ọjọ́. Ẹ kò lè pe ọmọ kíláàsì kẹfà tó ń gbààwẹ̀ wá sáré, kí ẹ sì máa sọ fún un pé kó mu omi.

Ní ti máìkì, ẹ mú un jìnnà sí gbohùngbohùn kó má baà máa hu, kí ẹ sì ní kí ẹni tó ń lu orin pa ẹ̀rọ rẹ̀ pátápátá. Tó bá kàn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lásán, ẹ kò ní gbọ́ ìdáhùn àwọn ọmọ dáadáa.

Lẹ́yìn tí ẹ bá jókòó, ẹni tó di máìkì mú ló ní ọjọ́ náà. Òun ló lè ba gbogbo ọ̀rọ̀ yín jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọmọ kan ń bọ̀ lẹ́yìn, ó kù díẹ̀ kó dé, ni ẹni yìí bá ní: “Ta ló ní ìjàpá tó ń bọ̀ yìí o?” Gbogbo èrò á bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ọmọ mìíràn tó máa fẹ́ kẹ́yìn lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lójú eré. Ẹ pè é ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sọ ohun mẹ́ta fún un: kó dárúkọ ilé ọmọ tó kẹ́yìn, kó sọ pé “ó ń bọ̀ o,” kó sì dákẹ́ ẹ̀fẹ̀ títí ọmọ náà fi máa dé. Ẹ sọ fún ẹni tó ń fọn fèrè ìbẹ̀rẹ̀ náà pé kó má fi fèrè kan ẹnu títí olùkọ́ tó wà níbi ìlà ìparí fi máa gbé àsíá sókè. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á ti ní kí àwọn tó kàn “ẹ múra” nígbà tí ọmọ kan ṣì wà lójú ọ̀nà.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó wọlé

Ẹ má ṣe wo ojú àwọn àlejò. Ẹ wo ọmọ ìkẹyìn nínú eré àkọ́kọ́: ṣé ó parí eré, àbí ó yà? Bí àtẹ́wọ́ bá dákẹ́ lẹ́yìn ẹni kẹta, ẹ dìde fúnra yín, kí ẹ rìn dé ìlà ìparí, kí ẹ máa pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Àwọn òbí á rí yín. Lẹ́yìn eré kejì tàbí ìkẹta, kò ní gba ìrànlọ́wọ́ yín mọ́.

Ìgbà tí eré bá parí, ẹ mú ìwé orúkọ tí ẹ gbà ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kí ẹ fi wé páálí tó wà nínú àpótí ilé kọ̀ọ̀kan àti àwọn ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú eré kọ̀ọ̀kan. Bí Ilé Búlúù bá kọ ọmọ mẹ́wàá fún eré àpò, tó jẹ́ mẹ́fà ló wọ pápá, ẹ bi olùkọ́ wọn, kì í ṣe àwọn ọmọ. Nígbà mìíràn, ẹ ó gbọ́ pé ara ọmọ kan kò yá. Nígbà mìíràn, wọ́n ti fi àwọn yíyára rọ́pò wọn lẹ́yìn yín. Ẹlòmíràn á ti lọ mú ọmọ tó ti dàgbà ju kíláàsì yẹn lọ wá sá fún wọn, ìyẹn sì ni ká máà ka máàkì rẹ̀ rárá.

Níbi pínpín ẹ̀bùn, kí ẹ tó gbé ife fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ ka iye ọmọ tó parí eré láti ilé kọ̀ọ̀kan, ilé kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ gbọ́ tiwọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ka máàkì, kí ẹ sì gbé ife náà fún ilé tó gbà á. Ẹ tọ́jú ìwé orúkọ náà sínú fáìlì. Òun ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ tọdún tó ń bọ̀.